Lógò gaàrí wa di àbàwọ́n lórí fóònù: kí la ó yọ, kí la ó fi sílẹ̀?

Ọmọ Onígaàrí (Ìjẹ̀bú-Igbó)

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Màmá mi ti ń yan gaàrí kí n tó mọ ọwọ́ ọ̀tún yàtọ̀ sí òsì, èmi ni mo sì ń bá wọn tà á lórí fóònù báyìí. Lọ́dún tó kọjá a ní kí ẹnì kan bá wa ya lógò. Ó yà á dáadáa, a ò lè purọ́ mọ́ ọn. Obìnrin kan jókòó ti agbada, ó fi igbá ń yí gaàrí, èéfín ń rú, iná ń jó lábẹ́, igi ẹ̀gẹ́ méjì dúró lẹ́yìn rẹ̀, oòrùn ń ràn lókè, ó wá fi orúkọ Màmá yí gbogbo rẹ̀ po nínú òbìrí. Lórí bébà A4 tó kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́ sí, àwọn aládùúgbò ń yà wá wò ó.

Ìgbà tí mo gbé e sí díìpíì WhatsApp ni wàhálà dé. Oníbàárà kan bi mí tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ pé ṣé ọ̀yà tí wọ́n ń yan ló wà níbẹ̀. Mo wò ó dáadáa, mo sì rí i pé òun kọ́ ló jẹ̀bi.

Régbérégbé kan ti wá ní kí a dì í ní kékeré kékeré fún àwọn tí wọn yóò pín in fún ní Ojúde Ọba. Ọ̀rá kọ̀ọ̀kan yóò ní sítíkà róbótó, 2 sẹ̀ntímítà péré. Ẹni tó ya lógò ní kí a jẹ́ kí òun fi kún àwọ̀ rẹ̀ kó lè yọ. Ọkàn mi kò gbà á. Kí ni kí a ṣe?

Féránmí Corel

Jpg ni wọ́n fún yín, ibẹ̀ ni gbogbo ìṣòro yín wà. Ẹ sọ fún un kó fún yín ní fáìlì CorelDRAW gan-an tàbí .svg. Irú fáìlì bẹ́ẹ̀ kì í fọ́ láéláé, ẹ lè sọ ọ́ di ìwọ̀n èékánná, ẹ lè sọ ọ́ di ìwọ̀n ilé alájà mẹ́ta. Tí kò bá ní in, ẹ fi jpg yẹn ránṣẹ́ sí mi, n óò tún un yà láàárín wákàtí kan.

Alága Bọ́ọ̀dù (Ìpẹru)

Ẹ má jẹ́ kí ọmọdé tàn yín. Bọ́ọ̀dù tó tóbi ni ojútùú. Èmi gbé tèmi sí ẹ̀bá títì, ó fẹ̀ ní mítà 2 gbáko, gbogbo ohun tí mo ń tà ló wà lórí rẹ̀: síméǹtì, páànù, ìṣó, kẹ̀kẹ́ ìrù-yanrìn, fọ́tò èmi fúnra mi pẹ̀lú fìlà. Ohun tó ń bí mi nínú ni pé àwọn awakọ̀ máa ń kọjá bí ẹni tí kò rí i. Ṣé iná ni kí n fi sí i ni?

Atẹ̀wé Ṣàgámù

Féránmí, àbọ̀ ọ̀rọ̀ lo sọ, mo sì gba àbọ̀ yẹn lọ́wọ́ rẹ. Kí wọ́n gba fáìlì gidi, torí lọ́jọ́ tí wọ́n bá fẹ́ kọ ọ́ sára ọkọ̀, jpg yóò fọ́ jákujàku. Ṣùgbọ́n ìgbà tí a bá ń fẹ nǹkan ni fáìlì yẹn wúlò jù. Ìgbà tí a bá ń fún nǹkan kéré, ojú ènìyàn ló ń kùnà, kì í ṣe fáìlì.

Àbúrò Onígaàrí, ẹ mú rúlà. Ká ní lógò yẹn fẹ̀ tó 10 sẹ̀ntímítà lórí bébà, kí ìlà èéfín rẹ̀ sì nípọn tó 1 mílímítà. Ẹ wá fi rúlà wọn díìpíì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ yín nínú àtòjọ WhatsApp. Lórí fóònù tèmi, ó tó nǹkan bí 8 mílímítà. Láti 100 mílímítà sí 8, a ti pín in sí ọ̀nà 12 àbọ̀, ìlà èéfín yẹn náà sì ti di 0.08. Ojú tó dá ṣáká, tí fóònù bá wà ní 40 sẹ̀ntímítà sí i, kò lè ya ohun méjì sọ́tọ̀ bí àlàfo àárín wọn kò bá tó nǹkan bí 0.1 mílímítà. Fáìlì yín lè mọ́ bí omi ìsun, èéfín yẹn ṣì máa pòórá ni. Kì í kúkú pòórá lásán: èéfín, igi ẹ̀gẹ́ àti ọwọ́ obìnrin náà yóò dà pọ̀ mọ́ra wọn di eérú kan. Ọ̀yà tí oníbàárà rí nìyẹn.

Ìdánwò kan wà tí kò ná yín ní kọ́bọ̀. Ẹ lẹ bébà 10 sẹ̀ntímítà yẹn mọ́ ògiri, kí ẹ padà sẹ́yìn mítà 5. Bí ó ṣe kéré lójú yín níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni 8 mílímítà ṣe ń kéré láti 40 sẹ̀ntímítà. Ẹ ka ohun tí ẹ rí fún wa. Ohun tí ẹ *rí* o, kì í ṣe ohun tí ẹ mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Nítorí náà, ẹ pe ẹni tí kò rí lógò yẹn rí.

Alága, ọ̀rọ̀ yín kò yà kúrò lójú ọ̀nà bí ẹ ṣe rò. Bọ́ọ̀dù tó fẹ̀ ní mítà 2, tí awakọ̀ bá wà ní mítà 100 sí i, kò tóbi lójú rẹ̀ ju díìpíì 8 mílímítà lọ. Ẹ pín méjèèjì wò: 2 sí 100, 8 sí 400. Ọ̀kan náà ni. Ẹ fi iná sí i, fọ́tò àti fìlà yín yóò kàn máa tàn ni, ẹnikẹ́ni kò ní rí wọn.

Alága Bọ́ọ̀dù (Ìpẹru)

Ẹ ń sọ pé bọ́ọ̀dù mi tí mo fi owó ńlá ṣe kò ju díìpíì lọ?

Atẹ̀wé Ṣàgámù

Láti mítà 100, bẹ́ẹ̀ ni, sà. Nígbà tí awakọ̀ bá fi máa súnmọ́ ọn, ó ti ń wo iwájú.

Ọmọ Onígaàrí

Mo ti dán an wò. Ọmọ tó ń gbé ẹ̀gẹ́ wá fún wa ni mo pè. Ó dúró ní mítà 5, ó ní òun rí "òbìrí kan tí nǹkan dúdú wà nínú rẹ̀, bóyá ìkòkò." Kò rí obìnrin. Kò rí oòrùn. Orúkọ Màmá tó yí i po, ó ní òun rò pé ẹ̀wọ̀n ni.

Nítorí náà mo ti gbà. Mo ronú pé kí a fi ewé ẹ̀gẹ́ kan ṣoṣo ṣe é. Ó rọrùn, ó rẹwà, inú ẹ̀gẹ́ ni gaàrí sì ti wá. Àbúrò mi ti yà á, mo gbé e sí díìpíì láàárọ̀ yìí.

Ìyá Ìbejì Odogbolu

Ọmọ mi, èmi kò mọ̀ nípa lógò o, gaàrí ni mo ń rà. Mo ti ní nọ́ńbà yín tipẹ́. Ìgbà tí mo rí díìpíì tuntun yẹn láàárọ̀, mo pe ọkọ mi pé ẹ wá wò ó, àwọn onígaàrí wa ti bẹ̀rẹ̀ sí í ta igbó. Ẹ má bínú.

Féránmí Corel

😂😂😂 Lóòótọ́ ni! Mo ń wò ó báyìí. Igbó pátápátá!

Atẹ̀wé Ṣàgámù

Ẹ ṣeun, Ìyá Ìbejì, ọ̀rọ̀ tí ẹ sọ yìí ni gbogbo iṣẹ́ náà dá lé lórí. Ewé ẹ̀gẹ́ àti ewé igbó, ìka ìka ni àwọn méjèèjì là sí. Ohun tó yà wọ́n sọ́tọ̀ ni pé etí ewé igbó rí ṣákaṣàka bí eyín ayùn, ti ẹ̀gẹ́ sì dán gbọọrọ. Tí ewé bá wà lọ́wọ́ yín, ẹ kò ní ṣì í mú. Ṣùgbọ́n eyín ayùn yẹn kéré. Ní 8 mílímítà ó ti lọ, ewé méjèèjì sì di ọ̀kan náà. Àbúrò wa mú kí lógò rọrùn, òótọ́ ni, àmọ́ ohun tó gbé ìyàtọ̀ rù jẹ́ ohun kékeré, òun ló sì kọ́kọ́ kú.

Ẹ wo bí wọ́n ṣe ṣe é níbòmíràn. Ní 1976 tí ilé iṣẹ́ Apple bẹ̀rẹ̀, Ronald Wayne ló ya lógò àkọ́kọ́ fún wọn. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jọ ti obìnrin yín tó jókòó ti agbada: Isaac Newton jókòó sábẹ́ igi, èso kan wà lókè orí rẹ̀, ọ̀rọ̀ wínníwínní yí etí àwòrán náà ká. Kò pẹ́ tí wọ́n fi pa á tì. Ní 1977, Rob Janoff ya èso kan ṣoṣo fún wọn, ó sì bù ú jẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Àwọn ènìyàn ti fi oríṣiríṣi ìtumọ̀ sí ibi tí ó bù jẹ yẹn, ṣùgbọ́n àlàyé tí Janoff fúnra rẹ̀ ṣe ni pé òun fi í síbẹ̀ kí èso náà má bàa dà bí ṣẹ́rì tó bá kéré. Ẹ ò rí i bí ibi tí ó bù jẹ ṣe tóbi tó? Ohun tó ya ápù sọ́tọ̀ sí ṣẹ́rì, ó mú un tóbi kó lè yè nígbà tí gbogbo rẹ̀ bá kéré.

Nítorí náà ìbéèrè mi sí yín nìyí: ní ọjà, kí ni ẹni tó fẹ́ ra gaàrí kọ́kọ́ ń wò?

Ọmọ Onígaàrí

Mo bi Màmá. Wọn ò tilẹ̀ gbé orí sókè: "Kọ́ńgò ni. Wọ́n ń wò bóyá orí rẹ̀ ga." Wọ́n ní ibi tí kọ́ńgò bá ti kún dé etí, owó oníbàárà ló ti parí síbẹ̀. Èyí tó wá ga kọjá etí, ìyẹn ni wọ́n ń torí rẹ̀ padà wá.

Ìyá Ìbejì Odogbolu

Òótọ́ ni Màmá sọ. Èmi máa ń dúró ti ẹni tó ń wọ̀n ọ́n.

Atẹ̀wé Ṣàgámù

A ti rí i. Kọ́ńgò, àti òkìtì gaàrí lórí rẹ̀. Ohun méjì péré, àlàfo kan láàárín wọn.

Ẹ má tíì tan kọ̀ǹpútà. Ẹ ra ìwé gíráàfù tí àwọn ọmọ fi ń ṣe ìṣirò, kí ẹ sàmì sí yàrá 16 ní ìbú àti 16 ní òòró. Inú rẹ̀ ni kí ẹ ti yà á, pẹ̀lú òfin kan péré: ohunkóhun kò gbọdọ̀ tín-ín-rín ju yàrá kan lọ, yálà ìlà tàbí àlàfo. Tí gbogbo rẹ̀ bá di 8 mílímítà, yàrá kan jẹ́ 0.5 mílímítà, ìlọ́po márùn-ún ohun tí ojú lè yà sọ́tọ̀. Nítorí náà agbára ojú àwọn àgbàlagbà náà wà nínú ìṣirò yẹn, àti ti ẹni tó ń wo fóònù nínú oòrùn. Ohun tí kò bá rí àyè nínú yàrá 16 yẹn, bóyá oòrùn ni, bóyá èéfín ni, ẹ jẹ́ kó lọ sí ẹ̀yìn ọ̀rá ńlá. Kò burú níbẹ̀. Obìnrin yẹn ṣì lè wà lára àpò 50 kílò, kó tóbi bí àwo.

Tólú Kóòdù (Àgọ́-Ìwòyè)

Ẹ kú ìjíròrò o. Mo ti ń ka tiyín láti òru. Mo yà á gẹ́gẹ́ bí Ẹ̀gbọ́n Atẹ̀wé ṣe wí, lórí yàrá 16. Ẹ kọ èyí sínú fáìlì kan, ẹ fún un ní orúkọ `kongo.svg`, kí ẹ ṣí i nínú bíráúsà:

```
<svg xmlns="http://www.w3.org/2000/svg" viewBox="0 0 16 16">
  <rect width="16" height="16" fill="#14452f"/>
  <path d="M3 7 L8 2 L13 7 Z" fill="#fff"/>
  <path d="M2 8 H14 L12 13 H4 Z" fill="#fff"/>
</svg>
```

Ìlà kejì ni ilẹ̀ aláwọ̀ ewé dúdú, ìkẹta ni òkìtì, ìkẹrin ni kọ́ńgò. Òkìtì parí sí 7, kọ́ńgò bẹ̀rẹ̀ ní 8, yàrá kan ni àlàfo. Mo mọ̀ọ́mọ̀ jẹ́ kí etí àlàfo bọ́ sórí nọ́ńbà tó pé. Tí ẹ bá gbé e sí 7.5, lórí àwòrán kékeré inú táàbù bíráúsà, tó sábà máa ń jẹ́ yàrá 16 sí 16, kọ̀ǹpútà kò lè kun ààbọ̀ yàrá. Yóò fi àwọ̀ tí kò funfun tí kò dúdú dípò rẹ̀, àlàfo yín yóò sì dà bí ẹni tí ó dọ̀tí.

WhatsApp máa ń gé igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kúrò láti sọ ọ́ di róbótó. Mo ti wọ̀n ọ́n, igun ìsàlẹ̀ kọ́ńgò kò kan etí òbìrí. Lógò àtijọ́ tí ọ̀rọ̀ wà létí rẹ̀, tí ẹni tó gbé e sókè kò bá ṣọ́ra, ó ń gé ọ̀rọ̀ náà lórí.

Féránmí Corel

Ó dáa. Àmọ́ ọkọ̀ ojú omi ni mo rí o. Ọkọ̀ tó ta ìgbòkun, tó ń lọ sí Ẹ̀pẹ́.

Ọmọ Onígaàrí

Ọkọ̀ ni Màmá náà rí!

Tólú Kóòdù (Àgọ́-Ìwòyè)

Ṣóńṣó orí rẹ̀ ló fà á. Òkìtì gaàrí kì í ní ṣóńṣó, ó máa ń yọ̀ wálẹ̀ ni. Ẹ fi èyí rọ́pò ìlà òkìtì:

```
<path d="M3 7 C3 4 6 2 8 2 S13 4 13 7 Z" fill="#fff"/>
```

Atẹ̀wé Ṣàgámù

Èyí sàn. Ẹ tún tẹ̀ ẹ́ ní 10 sẹ̀ntímítà, kí ẹ padà sí mítà 5, ẹlòmíràn ni kí ẹ pè o, kì í ṣe ọmọ ẹlẹ́gẹ̀ẹ́, òun ti mọ ohun tí ẹ ń wá.

Mo fẹ́ràn pé Tólú fi òkìtì náà ṣe funfun. Nínú lógò yín àtijọ́, yẹ́lò ni wọ́n kun gaàrí, mo sì ń wò ó pé ta ló ń da epo sí gaàrí Ìjẹ̀bú? Kò dáa fún ojú náà pẹ̀lú: yẹ́lò lórí ilẹ̀ funfun kò fẹ́rẹ̀ẹ́ ní ìyàtọ̀, òun ni àwọ̀ tó máa kọ́kọ́ sọnù tí wọ́n bá ṣe fọ́tòkọ́pì rísíìtì yín. Dúdú àti funfun ni kí ẹ fi parí lógò kí ẹ tó sọ̀rọ̀ àwọ̀ rárá. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi fara mọ́ ohun tí ẹni yín sọ pé òun yóò fi kún àwọ̀. Àwọ̀ kì í la ohun tó ti dì pọ̀.

Ọ̀rọ̀ sítíkà wá kù. Ní 2 sẹ̀ntímítà, yàrá kan jẹ́ 1.25 mílímítà, nítorí náà àlàfo yín láyè tó pọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ mọ ibi tí íǹkì ń rìn sí. Ọ̀rá kì í mu íǹkì bíi bébà, kí íǹkì tó gbẹ ó ti rìn díẹ̀. Ìlà tí a fi íǹkì fà, rírìn yẹn ń mú un sanra ni. Àlàfo funfun tó wà láàárín íǹkì ni ìyà ń jẹ, torí ọ̀tún àti òsì ni íǹkì ti ń wọlé sí i. Ká ní kọ́ńgò àti òkìtì ni ẹ fi íǹkì tẹ̀ lórí ilẹ̀ funfun, kí íǹkì náà sì rìn ní 0.1 mílímítà níhà kọ̀ọ̀kan. Àlàfo 1.25 di 1.05, kò sẹ́ni tó mọ̀. Àlàfo 0.2 kò sí mọ́. Nítorí náà kì í ṣe kọ́ńgò ló ń bà mí lẹ́rù. Àwọn lẹ́tà tí ẹ fẹ́ kọ sábẹ́ rẹ̀ ni.

Ọmọ Onígaàrí

"Ìjẹ̀bú" nìkan ni a fẹ́ kọ síbẹ̀. Orúkọ Màmá ti kúrò, àwọn fúnra wọn ló ní ká yọ ọ́, wọ́n ní àwọn kì í ṣe ẹ̀wọ̀n.

Atẹ̀wé Ṣàgámù

Ó dára. Lórí òbìrí 2 sẹ̀ntímítà, lẹ́tà kékeré inú ọ̀rọ̀ yẹn kò lè ga ju nǹkan bí 2 mílímítà lọ. Ẹ wá wo ẹ̀ yẹn. Ó ní àmì lórí, ó ní ẹsẹ̀ nísàlẹ̀. Nínú ọ̀pọ̀ fọ́ǹtì tí mo ń bá pàdé, ní ìwọ̀n yẹn, ẹsẹ̀ kò ju 0.25 mílímítà lọ, àlàfo tó wà láàárín ẹsẹ̀ àti ikùn lẹ́tà sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ 0.15. Íǹkì á bò ó. Ẹsẹ̀ á lẹ̀ mọ́ lẹ́tà, á wá dà bíi lẹ́tà tó ń yọ ìrù. Mo ti tẹ irú rẹ̀ rí fún oníbàárà, mo sì san owó rẹ̀ padà.

Ohun tí mo ń ṣe báyìí nìyí: n kì í lo ẹsẹ̀ tí fọ́ǹtì fún mi. Mo máa ń yí lẹ́tà náà padà sí àwòrán, n óò sọ ẹsẹ̀ di ìwọ̀n kan náà pẹ̀lú ìlà tó nípọn jù lára lẹ́tà, n óò sì sún un wálẹ̀ títí àlàfo yóò fi tó ẹsẹ̀ náà fúnra rẹ̀. Tí ẹ bá wò ó ní ńlá, yóò burú lójú yín, bí ẹsẹ̀ ẹni tó wọ bàtà bàbá rẹ̀. Ẹ má fi ńlá wò ó. Mo tún ń ya àwọn lẹ́tà sọ́tọ̀ díẹ̀ ju bí wọ́n ṣe wà lọ.

Kì í ṣe èmi ni mo dá irú ọgbọ́n yìí. Matthew Carter ṣe fọ́ǹtì Bell Centennial ní 1978 fún ìwé nọ́ńbà tẹlifóònù àwọn AT&T ní Amẹ́ríkà, lẹ́tà wínníwínní lórí bébà tí kò dára. Ó gé ihò sí kọ̀rọ̀ àwọn lẹ́tà níbi tí ìlà méjì ti pàdé, kí íǹkì tó bá rìn lè rí ibi wọ̀ sí. Tí ẹ bá fẹ̀ ẹ́, ó dà bí ohun tí eku jẹ. Ní kékeré, ó mọ́ tónítóní.

Tíṣà Èdè (Ìjẹ̀bú-Òde)

Ẹ kú àárọ̀ gbogbo yín. Mo fẹ́ kí a sọ̀rọ̀ yìí dáadáa. Ẹ sọ̀rọ̀ ẹsẹ̀, ẹ kò sọ̀rọ̀ àmì ohùn. Ṣé ẹ ó tẹ̀ ẹ́ pẹ̀lú àmì tàbí ẹ ó kọ "Ijẹbu" gbọọrọ? Ní gbogbo ìgboro wa báyìí, bọ́ọ̀dù bọ́ọ̀dù kò ní àmì mọ́, àwọn ọmọ mi ní kíláàsì ń rò pé ọ̀ṣọ́ ni.

Atẹ̀wé Ṣàgámù

Tíṣà, mo ń bọ̀wọ̀ fún iṣẹ́ yín. Tí lẹ́tà bá ti kéré ju 2 mílímítà lọ, ẹsẹ̀ ni mo máa ń gbà là, mo sì máa ń yọ àmì ohùn, pàápàá lórí orúkọ ìlú tí kò sẹ́ni tí yóò ṣì í pè. Ẹsẹ̀ ń yí lẹ́tà padà, e kì í ṣe ẹ. Lẹ́tà tó ní àmì lókè àti ẹsẹ̀ nísàlẹ̀ ń jẹ àyè alájà mẹ́ta, ara lẹ́tà náà ló sì máa súnkì kí àwọn méjèèjì lè rí àyè.

Tíṣà Èdè (Ìjẹ̀bú-Òde)

Àmì ohùn náà ń yí ọ̀rọ̀ padà. Bí ọ̀rọ̀ kò bá rí àyè pẹ̀lú àmì rẹ̀, kò rí àyè nìyẹn. Ẹ má gé ọwọ́ rẹ̀ kó lè wọ ẹ̀wù. Ẹ yọ ọ̀rọ̀ náà kúrò, kí ẹ kọ ọ́ dáadáa sí ẹ̀yìn ọ̀rá.

Ọmọ Onígaàrí

Ẹ̀gbọ́n, Tíṣà, ẹ má jà nítorí gaàrí. Mo béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ń ṣojú régbérégbé náà. Wọ́n fẹ́ kí "Ìjẹ̀bú" wà lórí sítíkà, ó di dandan, wọn ò sì fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn ọ̀rá. Nítorí náà méjì méjì ni mo ní kí wọ́n tẹ̀: ọ̀kan pẹ̀lú àmì ohùn, ọ̀kan pẹ̀lú ẹsẹ̀ nìkan, méjèèjì pẹ̀lú ẹsẹ̀ tí Ẹ̀gbọ́n Atẹ̀wé sọ. Díìpíì kò ní ọ̀rọ̀ rárá, kọ́ńgò àti òkìtì nìkan.

Ẹ gbọ́ àbọ̀ ìdánwò ògiri. Mo pe ènìyàn mẹ́rin láti òde, ọ̀kọ̀ọ̀kan, tí ẹnì kankan kò gbọ́ èsì ẹnìkejì. Méjì ní kọ́ńgò gaàrí ni. Ọ̀kan ní kọ́ńgò ni, bóyá ti ìrẹsì tàbí ẹ̀wà. Ẹ̀kẹrin, ọmọ ilé ìwé kan, ní kéèkì inú ife ni, èyí tí wọ́n ń tà níbi ọjọ́ ìbí.

Féránmí Corel

Ó dáa ju igbó lọ. Ẹ fi èéfín díẹ̀ sí i kó yàtọ̀ sí kéèkì.

Tólú Kóòdù (Àgọ́-Ìwòyè)

Èéfín mìíràn kẹ̀? 😅 Níbo ni yàrá kan tó kù lókè wà? Òkìtì bẹ̀rẹ̀ ní 2. Tí mo bá fi èéfín sí 0 àti 1, òbìrí á gé e.

Atẹ̀wé Ṣàgámù

Ìsàlẹ̀ kéèkì inú ife máa ń tẹ́ẹ́rẹ́, ó sì ga. Ẹ mú kọ́ńgò fẹ̀ nísàlẹ̀ díẹ̀: dípò kí ó parí sí 4 àti 12, kí ó parí sí 3 àti 13. Ìyẹn yóò mú un dúró bí ohun páànù. Ti ìrẹsì àti ẹ̀wà, mi ò rò pé àwòrán lè yanjú rẹ̀ ní ìwọ̀n yẹn. Orúkọ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ díìpíì ni yóò sọ pé gaàrí ni.

Alága Bọ́ọ̀dù (Ìpẹru)

Mo rìn lọ sí mítà 100 lánàá, èmi àti ọmọ mi. Ó bi mí pé ta ni bàbá tó wà lórí bọ́ọ̀dù yẹn. Tí mo bá fi kọ́ńtéènà síméǹtì kan ṣoṣo síbẹ̀, ṣé wọn kò ní rò pé síméǹtì nìkan ni mo ń tà?

Atẹ̀wé Ṣàgámù

Ẹ má fi kọ́ńtéènà, àpótí lásán ni yóò dà láti ọ̀nà jíjìn. Kí ni àwọn ènìyàn ń rà lọ́dọ̀ yín jù?

Alága Bọ́ọ̀dù (Ìpẹru)

Páànù.

Atẹ̀wé Ṣàgámù

Páànù ní ìgbì. Ìgbì mẹ́ta tó nípọn, ẹ kọ "PÁÀNÙ" sábẹ́ rẹ̀ gàdàgbà. Àwọn yòókù lè wà lẹ́nu ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù. Ẹ ṣí ìbéèrè tiyín lọ́tọ̀, sà, ká lè gbọ́ ẹnu àwọn ẹlòmíràn.

Tíṣà Èdè (Ìjẹ̀bú-Òde)

Ẹ ṣeun tí ẹ kọ àmì sórí PÁÀNÙ.

Ọmọ Onígaàrí

Tólú ti yí ìsàlẹ̀ kọ́ńgò padà, ó ti wà lórí díìpíì báyìí. Sítíkà méjèèjì yóò jáde lọ́jọ́ Ẹtì. N óò lẹ̀ wọ́n mọ́ ọ̀rá, n óò ya fọ́tò wọn pẹ̀lú rúlà lẹ́gbẹ̀ẹ́, kí Tíṣà àti Ẹ̀gbọ́n lè máa bá ìjà wọn lọ.